Káàdì Tó Tètè Dé Àjàṣẹ́

Mo rántí ìgbà tí wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ayọ̀ sí ìyá àgbà, nígbà tí ojú mi ṣì wú fún ẹkún. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni. Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní Landover, ní Àmẹ́ríkà níbi tí a ń gbé, ìyá tó bí i sì wà ní Àjàṣẹ́, lẹ́bàá Kùtọ́nu. Àwọn ẹbí ní a kì í túfọ̀ ọmọ fún ìyá arúgbó lórí fóònù. Àbúrò bàbá mi ló máa lọ bá a lójúkojú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìbí màmá ti ń bọ̀, ọdọọdún sì ni bàbá mi máa ń fi káàdì ránṣẹ́. Bí kò bá rí káàdì, yóò fura. Èmi ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́.

Faransé ni ìyá àgbà kà nílé ìwé àwọn sísítà ìjọ Àgùdà. Kò mọ Yorùbá kà. Faransé tèmi kò ju èyí tí mo kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì l'Ékòó lọ, ni mo bá sáré lọ bá obìnrin ará Kùtọ́nu kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Lanham. Ó tẹ̀ lé mi wálé, ó ń pè é, mò ń kọ ọ́ sórí ìwé kan: « Mamie chérie, joyeux anniversaire ! Que cette journée t'apporte beaucoup de joie. Nous t'aimons très fort. Gros bisous de Papa et de moi. »

Àbúrò bàbá mi wò ó, ó fajú ro. "O ń pe ìyá wa ní *tu*, bí ẹgbẹ́ ẹ? *Vous*, ẹ̀yin, ni kó o kọ!"

"Ẹ má bínú sà," obìnrin náà dáhùn. "Ẹni tó bá kọ *vous* sí ìyá àgbà ẹ̀, báńkì ló ń kọ̀wé sí. *Tu* ni ìfẹ́. *Mamie chérie*, ìyá àgbà mi ọ̀wọ́n nìyẹn. Ìyókù ń kí wọn kú ọjọ́ ìbí, ó ní a fẹ́ràn wọn gan-an. *Gros bisous de Papa et de moi*, ìfẹnukonu ńláńlá láti ọ̀dọ̀ bàbá mi àti èmi."

"Ìfẹnukonu kẹ̀!" Ó mirí, ó sì wọlé lọ.

Nígbà tí mo ń dà á kọ sínú káàdì, tí mo dé *Papa*, mo gbé bírò sókè. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo kọ ọ́. Mo tètè lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Riverdale kí káàdì má bàa pẹ́. Èmi ọlọ́gbọ́n!

Kí ọjọ́ ìbí tó pé, fóònù dún. Ìyá àgbà ni.

"Mo rí káàdì yín. Faransé ẹ dùn, ọmọ mi."

"Ẹ ṣé, mà. Ẹ kú oríire ọjọ́ ìbí."

"Bàbá ẹ kò fi káàdì ránṣẹ́ sí mi kí ọjọ́ ìbí mi tó kọjá rí. Látìgbà tó ti dé Àmẹ́ríkà, ó máa ń pẹ́ ni. Mo máa ń fi bú u." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ kú ara fẹ́ra kù."

Ohun tí àgbàlagbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Òun tí ọmọ kú fún ló wá ń pẹ̀tù sí mi nínú.

Ìyá àgbà náà ti lọ báyìí. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé káàdì mi kì í dé lásìkò láéláé. Mo máa ń rà á, mo máa ń kọ ọ́, màá wá fi í sílẹ̀ lórí tábìlì títí ọjọ́ ìbí yóò fi kọjá.