Mi Ò Ní Tẹ Ìka Sí Ìwé Ìbánikẹ́dùn Yẹn

Ọkọ rẹ kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, àbúrò mi, kí aago mọ́kànlá àárọ̀ tó lù. Káfíńtà ni, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló sì fi rìn wọ ilé ìwòsàn tí èmi àti ìwọ ti ń fọ aṣọ ibùsùn.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí ìwé tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé náà rẹwà, ó ń dán ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní ọkọ rẹ dákẹ́ "lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, láìka gbogbo ìsapá àwọn dókítà wa sí". Dókítà wo? Ìsapá wo? Lánàá ni ọ̀gá wa gbé e wá sí ìdí ẹ̀rọ ìfọṣọ, gbogbo èèyàn ń to ọ̀rọ̀ ìtùnú sí i. Ó ti tàdáwà síwájú mi.

"Bàbá, ẹ tẹ àtàǹpàkò yín síbí."

"Ẹ kọ́kọ́ kà á sí mi létí ná."

Ó kà á tán. Mo ní, "Ọ̀gá, àìsàn ráńpẹ́ yẹn, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà, Bàbá. Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn."

"Bó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn, kí ló dé tí ẹ ò kọ irú rẹ̀ sí mi?"

Ó palẹ̀ tàdáwà rẹ̀ mọ́.

Jẹ́ kí n má purọ́ fún ọ: mo ń jowú. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni ìyàwó mi fi lọ aṣọ dókítà nínú yàrá ìfọṣọ wa yẹn. Ó kú ní òkè lọ́hùn-ún, lẹ́yìn kọ́tìnì, èmi wà nísàlẹ̀ tí mò ń sá aṣọ. Ẹnikẹ́ni ò kọ ìlà kan sí mi. Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹnì kan ní, "Ẹ kì í kúkú ṣe ọmọdé," bí ẹni pé ọ̀fọ̀ kì í wọ àgbà lára. Ẹlòmíràn ní òun mọ bó ṣe ń ṣe mí. Ìyàwó tirẹ̀ ló sì di oúnjẹ fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí mo wá rí èèyàn mẹ́rìnlá tó tò láti kọ̀wé sí ọ, ọkàn mi gbóná. Àgbàlagbà ń jowú opó. Ayé mà yí o.

Nítorí náà, ohun tí wọn ò sọ fún mi ni màá sọ fún ọ. Mi ò ní sọ pé o ṣì kéré, pé o lè tún ọkọ fẹ́. Mi ò ní sọ pé kí o má sunkún. Mi ò ní ní kí o pè mí bí o bá fẹ́ nǹkan, torí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í pe ẹnikẹ́ni. Mo ti gba iṣẹ́ rẹ ti Ọjọ́bọ̀ àti ti Ẹtì mọ́ tèmi. Má dá mi lóhùn. Kà á, kí o gbé e sílẹ̀.

Mo rántí ọkọ rẹ dáadáa. Ó ń dúró dè ọ́ ní géètì lọ́jọ́ kan, ó rí i pé géètì náà ń han, ó yọ irin tó gbé e kọ́, ó tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.

Kò dá nìkan kú. Mò ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ ìdọ̀tí kọjá ni mo rí i lórí bẹ́ǹṣì, ọwọ́ láyà, ìyẹ̀fun pákó nínú irun. Akọ̀wé ní kò tíì ní káàdì. Ẹni tó ń kọ káàdì ti lọ jẹun. Mo pariwo. Wọ́n ní kí n gbájú mọ́ aṣọ mi. Yàrá pàjáwìrì kò ju ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ sí i, ọ̀gá nọ́ọ̀sì sì ti mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ sípàdé. Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń jíròrò níbẹ̀? Bí a ó ṣe máa yára dá aláìsàn lóhùn.

Ogójì ìṣẹ́jú. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Bàbá, ẹ má kó mi mọ́ aṣọ ìfọ̀ o." Ó béèrè rẹ, mo ní ọ̀sán lo máa wọṣẹ́. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ti tún ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣe, kí o má fi èjìká tì í mọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé orí lé mi.

Ta ló gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ìyàwó tèmi? Mo lè fi gbogbo ìwé dídán ayé gba irú gbólóhùn yẹn.

Àkọ́bí mi ló ń kọ èyí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ìwọ àkọ́bí mi, ó kàn ọ́ wàyí. Èmi ò mọ̀wé, wọ́n á fi gègé yí mi po. Mú un lọ fún opó náà lọ́la, kó kà á. Bó bá gbà, gbé ẹ̀dà rẹ̀ lọ bá ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílẹ̀, àti orúkọ ẹni tó kọ "ìsapá" yẹn. Wọ́n á bi ọ́ pé kí ló kàn ọ́. Sọ fún wọn pé ọmọ ìyá rẹ, tó kú lẹ́yìn kọ́tìnì wọn, ni ọ́. Mi ò ní bá ọ dé ibẹ̀. Ìwọ ni kí o bá wọn sọ ọ́.