Ọwọ́ Ni Ìyá Àpọ́nlé Kọ, Wọn Kò Kọ Bírò

Ìyá Mùyìbátù, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àpọ́nlé, ni alábòójútó ilé ìkàwé ilé-ìwé wa ní Ṣakí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe ìkójáde ìwé tuntun nílùú, ọ̀dọ̀ wọn ló ń wá kí wọ́n bá a to ètò. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi ń kọ ọ́, nítorí wọ́n ní ètò tí kò ṣeé pa rẹ́ yóò pa ẹni tó kọ ọ́ lẹ́kún.

Lọ́dún yìí, ìwé Bàbá Ọdẹmúyìwá ló kàn. Ọdẹ ni Bàbá ní Ìgànná, wọn kò mọ̀wé. Ẹnu ni wọ́n fi sọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ipasẹ̀ ẹran, Gbémisọ́lá ọmọ wọn sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá fi ìwé kíkà ṣáájú, kí àwọn èèyàn lè gbọ́ ohùn ìwé náà fúnra rẹ̀ kí Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láwọlé tó ṣe àgbéyẹ̀wò rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àlejò pàtàkì, Olóyè Oyèlékè, yóò wá sọ̀rọ̀. Títa ìwé ló tẹ̀ lé e, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì gbóná létí àwọn èèyàn. Tábìlì ìfọwọ́sí yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì títà, kí ẹni tó rà má baà rìn jìnnà.

Àṣìṣe kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe. Wọ́n kọ ọ́ bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́: "Òǹkọ̀wé yóò ka ojú ìwé mẹ́ta."

Nígbà tí Gbémisọ́lá ka ètò náà fún Bàbá, wọ́n gun ọ̀kadà wá bá wa ní ilé ìkàwé.

"Ìyá Àpọ́nlé, ṣé ẹ fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni? Kí n dìde máa wo bébà bí ewúrẹ́ tó rí dígí? N kò wá mọ́!"

Ìyá kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Èmi ni mo ṣàṣìṣe." Wọ́n pa ìlà náà rẹ́, wọ́n sì kọ: "Gbémisọ́lá yóò kà, òǹkọ̀wé yóò máa ṣàlàyé."

Bàbá ní, "'Òǹkọ̀wé yóò fọwọ́ sí ìwé' tó wà nísàlẹ̀ ńkọ́?"

Ìyá kò pa ìyẹn rẹ́. "Ọwọ́ ni mo kọ, Bàbá, n kò kọ bírò. Ṣé ẹtu máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó mọ̀ pé ó kọjá?"

Bàbá wo àtàǹpàkò wọn títí. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fi mí rẹ́rìn-ín, mo ti lọ nìyẹn o."

Lọ́jọ́ Sátidé tí ètò náà wáyé, Gbémisọ́lá ń kà, Bàbá ń dá a dúró: "Rárá, sọ fún wọn pé òjò ti rọ̀ lọ́jọ́ yẹn!" Gbogbo gbọ̀ngàn ń pàtẹ́wọ́. Ìwé tà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá jókòó ti páàdì yíǹkì tí wọ́n fi ń tẹ̀ka, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde. Àwọn kan tilẹ̀ ń wo ara wọn.

Ìyá ti ro ìyẹn náà. Ó wà nínú ètò pé àlejò pàtàkì ni yóò kọ́kọ́ gbé ìwé tirẹ̀ wá. Olóyè Oyèlékè dìde, Gbémisọ́lá kọ orúkọ Olóyè sí i, Bàbá sì tẹ àtàǹpàkò sábẹ́ rẹ̀.

Olóyè gbé ìwé náà sókè. "Ẹ wò ó! Ta ló lè ṣe ayédèrú irú ìfọwọ́sí yìí?"

Ìlà àwọn èèyàn gùn dé ẹnu géètì.

Nígbà tí àwọn èèyàn tán, Bàbá ké sí Ìyá pé kí wọ́n mú ìwé ètò tiwọn wá. Wọ́n ní kí Gbémisọ́lá fi ìlà 'fọwọ́ sí ìwé' tí Ìyá kọ̀ láti pa rẹ́ han àwọn, wọ́n sì rọra tẹ àtàǹpàkò mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.