Ṣíbí Kan fún Ọmọ Kílò Mẹ́jọ

Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní ìṣirò oògùn ní Okitipupa kórìíra mi, èmi náà ò sì fẹ́ rí i sójú. Ohun tó ń bí i nínú ni pé mo ń bá wọn ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Àyèká ní gbogbo Sátidé, mo sì máa ń fi yangàn nínú kíláàsì.

Lọ́jọ́ tó dá ìwé ìdánwò wa padà, ó ní kí n dìde kí n ka ìbéèrè kẹta. Ọmọ ọwọ́ tó wọn kílò mẹ́jọ ni, parasitamọ́ọ̀lù mílígíráàmù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún kílò kọ̀ọ̀kan, ní ìlò ẹ̀ẹ̀kan. Mo ti kọ ọgọ́fà mílígíráàmù, ìyẹn ṣíbí kan, mílílítà márùn-ún.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"Bí a ṣe ń fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, sà."

"Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? Ka ohun tí mo kọ sára ìgò tí mo yà sábẹ́ ìbéèrè náà."

Mo kà á. Ìgò kékeré tí wọ́n fi ń kán oògùn sọ́mọ lẹ́nu ni, ọgọ́rùn-ún mílígíráàmù ló sì wà nínú mílílítà kan ṣoṣo. Ìgò ńlá tí oògùn rẹ̀ ò le tó bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ ọgọ́fà mílígíráàmù nínú ṣíbí kan, ni mo fi ṣírò.

"Mílílítà kan àti ìdá márùn-ún rẹ̀ ló tọ́ sí i. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mílígíráàmù nìwọ fún un. Ọmọ ta lo fẹ́ pa?"

Gbogbo kíláàsì fi mí rẹ́rìn-ín. Ní Sátidé tó kọjá, mo ta irú ìgò kékeré yẹn fún obìnrin kan tó pọn ọmọ wá láti Ìkọ̀yà. Ṣíbí kan ni mo ní kó máa fún un, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́.