Jákẹ́ẹ̀tì Bàbá Ìyàwó

Ẹ̀yìn ti ń dùn mí kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Ajah lọ́jọ́ náà. Oníbàárà mi kan ló di ọkọ rẹ̀ mú wọlé. Awakọ̀ tírélà ni ọkùnrin náà tẹ́lẹ̀ lápá Ìbẹ̀jú-Lekki, kí rọpárọsẹ̀ tó kọlù ú. Ara rẹ̀ ti ń bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n èjìká òsì rẹ̀ wálẹ̀, ọwọ́ ọ̀hún ò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́.

“Àǹtí, ọmọbìnrin mi fẹ́ ṣègbéyàwó,” ọkọ náà ní. “Èmi ni màá mú un wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ rán jákẹ́ẹ̀tì tí ò ní jẹ́ kí wọ́n máa ṣàánú mi.”

Kánfáàsì ni mo kọ́kọ́ gé, aṣọ líle tó máa ń wà láàárín aṣọ òde àti tinú, tó ń mú àyà jákẹ́ẹ̀tì dúró. Àwọn kan a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, tó bá yá, á wú bí ara tó bó. Abẹ́rẹ́ lèmi fi ń rán an. Mo wá fún aṣọ pọ̀ láti abẹ́ àyà lọ sí ìbàdí. Ìyẹn là ń pè ní dáàtì, òun ló ń jẹ́ kí aṣọ pẹlẹbẹ gba ìrísí ara. Díẹ̀ ni mo fún un, torí ọkùnrin náà ti rù, mi ò sì fẹ́ kí aṣọ máa sọ ọ́. Mo la ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, ìyẹn fẹ́ńtì, kí aṣọ má baà ká sókè tó bá jókòó.

Nígbà tó wá dán an wò, páàdì, tìmùtìmù tó wà nínú èjìká méjèèjì, ṣì nípọn bákan náà. Apá òsì fà wálẹ̀. Lápẹ́ẹ̀lì, etí iwájú tó ká sórí àyà, gbéra kúrò lára rẹ̀. Ó wo dígí, ó yíjú kúrò.

“Ẹ bọ́ ọ kúrò lára mi.”

“Ẹ má bínú, Àǹtí,” ìyàwó rẹ̀ ní. “Ó ti rẹ̀ wọ́n.”

Ó ti rẹ èmi náà. Mo tú èjìká òsì, mo to òwú lé òwú sínú páàdì rẹ̀, ó nípọn lápá ọwọ́, ó fẹ́lẹ́ lọ sọ́rùn. Mo tú lápẹ́ẹ̀lì náà, mo ká a sórí ìka bí mo ṣe ń rán kánfáàsì mọ́ ọn, kó lè máa yí fúnra rẹ̀. Téèyàn bá fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ó kú nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n padà wá, èjìká méjèèjì dọ́gba. Ìyàwó rẹ̀ na ọwọ́ sí bọ́tìnnì.

“Fi sílẹ̀.”

Ó fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan wá ojú ihò náà. Bọ́tìnnì yọ̀, ó tún mú un. A dúró tì í títí ó fi wọlé. Lẹ́yìn náà ló wo dígí, kò sì yíjú.

Mi ò lè lọ síbi ìgbéyàwó náà, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Ìyàwó rẹ̀ ló wá ròyìn fún mi.

“Bàbá ìyàwó mú ọmọ wọn dé iwájú pẹpẹ. Ìgbà tí wọ́n jókòó báyìí, wọ́n sùn títí ìwàásù fi parí.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì fa aṣọ ẹlòmíì sábẹ́ abẹ́rẹ́.