Ẹ-Má-Mira àti Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ Yàrá

Ẹ-Má-Mira ni wọ́n ń pe ọkọ mi. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn àlejò orí ètò wa ló sọ ọ́, nítorí gbólóhùn yẹn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, òun náà ni wọ́n sì máa ń gbọ́ kẹ́yìn. Èmi ni atọ́kùn ètò náà. Àwọn àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì ni mo máa ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò nípa iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láyé wọn. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì la ti máa ń ṣe é, àlejò nílé tirẹ̀, àwa nínú yàrá ẹ̀yìn nílé tiwa. Ọkọ mi ló ń gba ohùn àti àwòrán sílẹ̀. Tí ẹ bá bi mí, màá ní ẹnu mi ló gbé ètò yẹn ró. Ẹ má bi òun.

Ohun kan wà tí ọkùnrin yìí gbà gbọ́ tọkàntọkàn, òun ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ṣe é fọkàn tán. Ó ní ohùn tó bá gba orí ìpè wá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á ti jẹ lára rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nítorí náà, fóònù méjì ni àlejò wa gbọ́dọ̀ ní. Ọ̀kan ló máa fi bá wa sọ̀rọ̀, pẹ̀lú íápíìsì oníwáyà létí, kí ohùn mi má baà máa jáde síta kó tún wọnú ohùn tirẹ̀. Èkejì á dúró níwájú rẹ̀, wọ́n á ti pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má pè é, á sì máa gba ojú àti ohùn àlejò sílẹ̀ níbẹ̀, nínú yàrá tirẹ̀ gan-an. Tí a bá parí, wọ́n á fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́. Tí ìpè bá já láàárín, fóònù kejì ò tiẹ̀ mọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe lọ.

Èyí dára, mi ò jiyàn. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé ojú fóònù ni ọkọ mi ti máa ń wo ilé onílé káàkiri bí lánlọ́ọ̀dù tó wá yẹ ilé wò. Á ní kí wọ́n yọ bátìrì aago ara ògiri. Á ní kí wọ́n pa fáànù. Á ní kí wọ́n yọ fìríìjì kúrò lára iná, kí wọ́n sì kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wọn sínú rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń rò pé orí rẹ̀ ò pé. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ jáde á wá kọ́kọ́rọ́ dé inú fìríìjì, á sì rántí tan iná rẹ̀ padà kí oúnjẹ tó bàjẹ́. Ìyá kan tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé tẹ́lẹ̀ bi mí lójú rẹ̀ bóyá wọ́n fipá mú mi fẹ́ ẹ ni.

Ọjọ́ kan ni obìnrin kan pè wá. Ó ní sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni bàbá òun, òun ló máa ń ròyìn ìdíje lórí rédíò láyé àtijọ́. Mo mọ ohùn náà. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Bàbá mi a máa gbé rédíò sórí itan gbọ́ ọ. Obìnrin náà ní àìsàn kan mú bàbá náà lọ́fun, ọjọ́ Ajé ni àwọn dókítà máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Wọ́n ní á yè é, ṣùgbọ́n ibi tí ohùn ti ń jáde ni wọ́n fẹ́ gé kúrò. Kò ní fi ohùn yẹn sọ̀rọ̀ mọ́ láyé.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní ohùn wọn níbì kankan. Iléeṣẹ́ rédíò ti gba nǹkan mìíràn lé gbogbo téèpù wọn lórí. Tí mo bá gbé fóònù sí wọn lẹ́nu, wọ́n á ní àwọn kì í bá irin sọ̀rọ̀. Àmọ́ wọ́n ní tó bá jẹ́ ètò gidi ni, tí atọ́kùn á máa bi àwọn ní ìbéèrè, àwọn á jókòó.”

Ọ̀nà jìn, àkókò ò sì sí mọ́. A fi í sí ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Nígbà tí àwòrán dé, a rí Bàbá Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀ ńlá kan, ó wọ kóòtù, ó de táì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin àti ọkọ ọmọ náà dúró tì í. Ohùn rẹ̀ ti há díẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ni. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọkọ mi ní, “Yàrá yín ń dún, sà.”

Bàbá ní, “Yàrá wo ló ń dún? Èmi ni mò ń dún.”

Òótọ́ lọ́kọ mi sọ. Táìlì nílẹ̀, ògiri lásán, fèrèsé ńlá láìsí kọ́tìnnì. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí bàbá bá sọ ló ń lu ògiri padà wá bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga. Ọkọ mi béèrè ibi tí aṣọ pọ̀ sí jù nínú ilé, nítorí aṣọ máa ń gbé ohùn mì. Wọ́n ní inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ni. Ó ní kí bàbá wọ ibẹ̀.

Bàbá wọ ibẹ̀ lóòótọ́, pẹ̀lú àpótí ìjókòó. Ohùn náà wá rọ̀ bí òwú, ó sún mọ́ni, mo fẹ́ẹ̀ sunkún. Ṣùgbọ́n àwòrán ńkọ́? Òkùnkùn biribiri. Eyín bàbá nìkan là ń rí, nígbà tó bá rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ ní òun fẹ́ ojú wọn náà o, kì í ṣe ohùn nìkan. Bàbá jáde, aṣọ obìnrin kan lé e lọ́rùn. Wọ́n gbé e kọjú sí fèrèsé, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, ohùn sì padà sínú kànga.

Ọkọ mi ronú díẹ̀. Ó wá ní kí wọ́n kó gbogbo kúbùsù ilé jáde, kí ọmọ di ọ̀kan mú lápá òsì bàbá, kí ọkọ rẹ̀ di ọ̀kan mú lápá ọ̀tún, níbi tí fóònù ò ti ní rí wọn, kí wọ́n nà án sókè dáadáa. Ó ku ẹ̀yìn fóònù, kò sí ẹni tó máa dúró níbẹ̀.

Ọkọ ọmọ ní, “Ìgbà wo la máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀?”

Ọkọ mi ní, “Tí Bàbá bá parí ọ̀rọ̀ wọn.”

Ọkùnrin náà wo àna rẹ̀, tó ti ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di kúbùsù mú.

Ó wá kan àtẹ́wọ́. A máa ń ní kí àlejò pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí ọkọ mi máa fi mú fáìlì tiwọn àti tiwa bára mu nìyẹn. Ó ní, “Ẹ pàtẹ́wọ́, sà.” Gbogbo ilé ju kúbùsù sílẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún bàbá. Bàbá dìde, ó tẹrí ba. Ọkọ mi ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, Bàbá nìkan ni. Bàbá ní ta ló máa ń pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Wọ́n tún pa á. Níbi tí wọ́n ti ń pa á lọ́tun ni ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Télọ̀ tó ń gbé lókè wọn ló wá béèrè ohun ayọ̀ tó ṣẹlẹ̀. Kó tó parí ìkíni, wọ́n ti gbé kúbùsù lé e lọ́wọ́, ó ti wà lẹ́yìn fóònù.

“Ẹ má mira,” lọkọ mi wí.

A bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, bàbá yẹn sọ̀rọ̀. Ó sọ bó ṣe ròyìn ìdíje kan tí ìkùukùu bo pápá, tí kò rí bọ́ọ̀lù rárá, tó ń fi ariwo èrò mọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà, tó sì gbá góòlù kan wọlé lẹ́nu ara rẹ̀ tí ẹnì kankan ò gbá. Mo rí kúbùsù òsì tó ń gbọ̀n fún ẹ̀rín wọnú àwòrán, ọkọ mi sì ń fọwọ́ bojú. Láàárín ọ̀rọ̀ bàbá máa ń wúkọ́, ikọ́ burúkú, ó sì máa ń dákẹ́ kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ní kí n má ṣèyọnu, òun á yọ àwọn ikọ́ náà kúrò.

Nígbà tí a parí, ọkọ mi ní kí gbogbo wọn dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Gbogbo àlejò ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tirẹ̀. Ibi tó bá ti yọ ikọ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló máa fi dí i, kí etí má baà mọ̀ pé wọ́n gé nǹkan kúrò. Ó ti sọ ọ́ tán kí ó tó yé èmi àti òun pé ẹni tí ohùn rẹ̀ fẹ́ dákẹ́ títí láé ló ń sọ ọ́ fún. Ojú tì mí. Bàbá wò wá, ó mi orí, ó dákẹ́.

A ń wò ó, kò gbé apá, kò ṣẹ́jú. Ọkọ mi rọra ní, “Wo àlejò. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe é, òun lẹni àkọ́kọ́ tí kò mira.” Èmi ni mo rí i pé àní ìpéǹpéjú rẹ̀ dúró sí àárín. Ìpè ti já. A ti ń fi ọ̀wọ̀ wo àwòrán tó kú sójú kọ̀ǹpútà láti bí ìṣẹ́jú kan. A tún pè, ọmọ rẹ̀ gbé e, ó ní ó ti tán, apá ti kú mọ́ àwọn lára, Télọ̀ ti lọ. Ohùn obìnrin náà ti há. Ọkọ mi kìlọ̀ fún un kó má fi fídíò náà ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, wọ́n á fún un pọ̀ kó lè kéré, á sì bàjẹ́, kó fi í ránṣẹ́ bí odidi fáìlì. Ọjọ́ kejì ló tó dé tán.

A jókòó gbọ́ ọ, ọkọ mi sì sáré lọ sí ìparí láti gé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀. Lóòótọ́, ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni bàbá fọwọ́ kan íápíìsì, ó ní, “Wọn ò sí níbẹ̀ mọ́.” Kò sí ẹni tó dá a lóhùn, nítorí wọ́n ti ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Bàbá wá gbé ohùn ayé àtijọ́ jáde, ohùn orí itan bàbá mi, àmọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Ó ní, “Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ilẹ̀ ti ń ṣú lórí pápá. Télọ̀ ló wà lẹ́yìn, kò mọ ohun tó gbé òun débí, kò sì sá. Àna mi wà lápá ọ̀tún, ó ń bínú, ṣùgbọ́n kò sọ̀ kúbùsù kalẹ̀. Ẹ wo apá òsì. Ọmọ mi ni. Apá ń ro ó, á ní kò ro òun. Bó ṣe máa ń purọ́ láti kékeré nìyẹn. Kò sí agbábọ́ọ̀lù tó dà bí ẹ̀. Wọ́n ti gbé pátákó sókè báyìí, wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ẹnìkan. Ohùn ni wọ́n ń pè jáde. Ohùn nìkan o. Èmi wà lórí pápá.”

A gbọ́ ohun tó bọ́ sílẹ̀ gbì, kúbùsù òsì nìyẹn, a sì gbọ́ ẹkún obìnrin náà. Fáìlì parí síbẹ̀.

Mo nu ojú mi. Ọkọ mi ṣí ibi tí ikọ́ àkọ́kọ́ wà, ó wò ó, ó sì tún tì í.

Mo ní, “Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wo lo wá fẹ́ fi dí ikọ́ wọn?”

Ó ní, “Kò sí. Jẹ́ kí wọ́n máa wúkọ́.”