Ọkùnrin Tí Kì Í Kà Kọjá Márùndínlógójì

Wọ́n sọ fún mi pé iwin kan wà nínú yàrá irin ní ilé iṣẹ́ panápaná, pé ó máa ń ka nọ́ńbà. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kì í wọ̀ mí létí. Àmọ́ olóòtú mi ní kí n lọ kọ nípa ọkùnrin tó ń tọ́jú yàrá náà, nítorí ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, mo sì rò pé màá rí àyè bi í nípa iwin náà.

Ọ̀gá Irin ni gbogbo wọn ń pè é. Ó ti pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tó ti ń kọ́ àwọn panápaná bí wọ́n ṣe ń fi irin kọ́ ara. Yàrá rẹ̀ gùn, páànù ló fi bò ó, rọ́bà dúdú ló tẹ́ sílẹ̀. Irin ńláńlá wà lápá òsì, àwọn fúyẹ́fúyẹ́ wà lápá ọ̀tún. Láàárín méjèèjì, okùn kan gba orí kẹ̀kẹ́ irin kékeré kan lókè àjà, àpò iyanrìn sì so mọ́ ìdí rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ọmọbìnrin kúkúrú kan wà lẹ́nu okùn náà. Dúdú ni wọ́n ń pè é. Ọmọ àbúrò Ọ̀gá Irin ni, ó sì fẹ́ di panápaná. Ìdánwò rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n," Ọ̀gá Irin ń kà. "Márùndínlógójì. Ó tó."

"Kò tó, Bàbá. Ọgọ́ta ni wọ́n máa ní ká fà."

"Mo ní ó tó. Lọ mu omi."

Ọmọbìnrin náà wò mí bí ẹni pé kí n bá òun dá sí i. Mi ò dá sí i. Mo kàn kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí Dúdú jáde, mo bi Ọ̀gá Irin ìdí tó fi dá a dúró. Ó fi irin ńlá kan hàn mí. "Ṣé o rí èyí? Bí ẹnì kan bá gbé e lẹ́ẹ̀kan péré, tí kò lè tún gbé e, agbára nìyẹn. Bó o bá fẹ́ kí agbára pọ̀ sí i, irin tó o lè gbé láti ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀márùn-ún péré ni kó o máa gbé, kó o sì sinmi dáadáa kó o tó padà sí i, bí ìṣẹ́jú mẹ́ta."

"Fúyẹ́fúyẹ́ ńkọ́?"

"Ìyẹn yàtọ̀. Ìfaradà ni. Èyí tó o lè gbé lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lógún ìgbà, jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìsinmi rẹ̀ má pẹ́. Kì í sọ ọ́ di akin. Kì í jẹ́ kí apá rẹ tètè jọ̀wọ́ ni."

"Èyí tó wà láàárín ńkọ́, mẹ́fà sí méjìlá?"

"Ìyẹn ń mú kí iṣan tóbi. Ó ń fúnni ní díẹ̀ lára méjèèjì. Àwọn ọkùnrin fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyàwó wọn." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́.

Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi nípa kànga.

Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni. Àwọn òṣìṣẹ́ méjì já sínú kànga kan tí wọ́n ń gbẹ́. Àbúrò rẹ̀, bàbá Dúdú, ló wọlé lọ gbé wọn. Ọkùnrin mẹ́rin ló di okùn mú lókè. Ọmọ iṣẹ́ Ọ̀gá Irin ni gbogbo wọn, kò sì sí èyí tí kò lè gbé irin tó wúwo ju ara rẹ̀ lọ. Márùn-ún, márùn-ún ló fi kọ́ wọn. Fífà ogójì ni kànga náà jìn. Wọ́n fa òṣìṣẹ́ kìíní jáde, wọ́n fa ìkejì. Nígbà tó kan àbúrò rẹ̀, apá wọn ti ń gbọ̀n. Ọ̀gá Irin ló ń kà fún wọn kí wọ́n lè fà pọ̀. Ní mẹ́tàdínlógójì, okùn yọ lọ́wọ́ wọn.

"Wọ́n lágbára," ó ní. "Èmi ni mi ò kọ́ wọn ní ìfaradà."

Mo béèrè ìwé ìjábọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n sì jẹ́ kí n kà á. Ó sọ pé afẹ́fẹ́ kànga náà kò dára, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọkùnrin náà ti kú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Mo sọ fún Ọ̀gá Irin. Ó ní òun ti kà á rí, nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ìwé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Dúdú dá a lóhùn. Ó ń fa okùn, Ọ̀gá Irin sì ní ó tó. Kò jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, wọ́n ní iwin ló ń kà níbí. Ohùn ta lẹ máa ń gbọ́?"

Ọ̀gá Irin wo okùn náà. "Ohùn ara mi ni."

"Ẹ dojú kọ ògiri nígbà náà. Ẹ máa kà. Bí ẹ bá dákẹ́, màá ṣì máa fà."

Ó kọjú sí ògiri. Mẹ́rìndínlógójì. Mẹ́tàdínlógójì. Ó dákẹ́. Okùn náà ń dún lókè, ọmọbìnrin náà ń mí gule gule. Ọ̀gá Irin fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri bí ẹni pé ó fẹ́ wó.

"Méjìdínlógójì," ó wí, bí ẹni tí wọ́n fi ọ̀bẹ gún.

Lẹ́yìn ọgọ́ta, Ọ̀gá Irin bi mí bóyá mo gbọ́ mímí ẹnì kẹrin nínú yàrá náà. Ẹni mẹ́ta ni wá. Mo sọ pé rárá. Mo tún ka àwa tó wà níbẹ̀ lọ́kàn mi kó tó dá mi lójú.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń fún un ní irin fúyẹ́, ogún, ọgbọ̀n ìgbà, lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún èyí tó wúwo, kí agbára tó ní tẹ́lẹ̀ má bàa lọ.

Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n kọ́kọ́ ní kí wọ́n wọ́ ọmọlangidi tó wúwo bí àgbàlagbà. Dúdú wọ́ ọ dé ibi tí wọ́n sàmì sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin onígbáàyà kan wọ́ tirẹ̀ bí ẹni wọ́ ẹní.

"Ìyá kékeré," ó pè é, "ṣé ọwọ́ lo fi ń fa okùn ni àbí ẹnu?"

"Dúró kó o rí i, ẹ̀gbọ́n."

Nígbà tó kan okùn, apá onígbáàyà jọ̀wọ́ ní ogójì ó lé kan. Dúdú fà á dé ọgọ́ta, ó sì tún fi méjì lé e.

Inú mi dùn. Mo wo Ọ̀gá Irin, ojú rẹ̀ kò yọ̀. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ló ń kà: wọ́n ti fi Dúdú sí ẹgbẹ́ tó ń wọ kànga, nítorí pé ó kéré, ó sì fúyẹ́.

"Ta ló máa di okùn rẹ̀ mú?" ó béèrè.

Wọ́n dárúkọ ọkùnrin mẹ́rin.

Ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà nínú yàrá irin. "Ọ̀gá, irin ọmọdé rèé!" ni ọ̀kan lára wọn wí. Nígbà tó dé méjìlélógún, ẹnu rẹ̀ ti dákẹ́, apá rẹ̀ sì ń ta á bí iná. Ọ̀gá Irin dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ máa kà á fúnra yín," ó ní, "kí n máa gbọ́." Kò wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ọwọ́ wọn ló ń wò.