Ọ̀rọ̀ Tí Mi Ò Bò Tán

Iṣẹ́ mi ní Ṣàngó Ọ̀tà ni kí n máa ka ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Ìyá mi ní ṣé kì í ṣe amí ni mo ń ṣe báyìí. Ilé-iṣẹ́ kékeré ni wá. A ṣe ẹ̀rọ afèsì kan sórí Wásáàpù fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ọ̀tà: bí ara ẹnì kan ò bá yá, tàbí tó fẹ́ gbàyè, ẹ̀rọ ni yóò kọ́kọ́ dá a lóhùn. A ti sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé a óò tọ́jú ohun tí wọ́n bá kọ fún ìgbà díẹ̀, kí a lè mọ ibi tí ẹ̀rọ ti ń ṣìnà. Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ètò kan á ti bo orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà òṣìṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ kan, mo rí i pé ọ̀pọ̀ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ń kú sójú kan náà. Ènìyàn á ṣàlàyé ohun tó ń ṣe é, ẹ̀rọ á ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún ọ̀gá ẹ̀ka yín," ẹni náà á sì dákẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ìdáhùn ló tẹ́ wọn lọ́rùn. Inú bí mi. Yorùbá wo ni ìdáhùn tẹ́ lọ́rùn tí kò ní dúpẹ́, tí kò ní gbàdúrà fún ẹ̀rọ pàápàá? Mo jókòó, mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ẹ̀ka gan-an lẹni tí wọ́n ń sá fún.

Èyí tó hàn jù lára wọn nìyí: "Ẹ jọ̀ọ́, mo lóyún, káṣúà sì ni mí. Bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á ní kí n máa lọ sílé. Òórùn gọ́ọ̀mù páálí ń mú kí èébì máa gbé mi. Èmi ìyá ìbẹ́ta ni, níbi pákíǹ tí a ti ń di bísíkíìtì. Ẹ bá mi bò ó." Mo fi sínú ìròyìn mi. Mo wò ó: kò sí orúkọ, kò sí nọ́ńbà. Mo fi ránṣẹ́ sí obìnrin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ náà, nítorí ìpàdé ọjọ́ kejì.

Màmá tó ń tún ọ́fíìsì wa ṣe ti bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Ó ń nulẹ̀ lẹ́yìn mi, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí kọ̀ǹpútà.

"Háà! Ìyá ìbẹ́ta ti tún lóyún?"

Ìyá ìbẹ́ta mélòó ló wà níbi pákíǹ? Ta ló ń fi orúkọ pe abiyamọ níbẹ̀? Ètò wa ò mọ èyí, ṣùgbọ́n èmi tí wọ́n bí ní Ọ̀tà ńkọ́? Mo bẹ Màmá pé kó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹnu mi kọ́ ni kí o bẹ̀rù. Ta lo ti fi hàn?"

Mo pa ìròyìn náà rẹ́ kíá, àmọ́ àkọsílẹ̀ fi hàn pé wọ́n ti ṣí i lẹ́ẹ̀kan. Mo pe obìnrin yẹn.

"Ẹ má bínú, mà. Ìròyìn tí mo fi ránṣẹ́..."

"Mo ti kà á. Èmi àti ẹ̀ jọ ń jẹun ọ̀sán ni o. Kò sì lè sọ fún mi."

"Kò yẹ kí ẹ mọ̀, mà. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi í ní nǹkan kan."

"Mi ò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ tún ẹ̀rọ yẹn ṣe."

Mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá mi, ó sì bá mi wí gidigidi. Òun nìkan ló lè dé ibi tí ojúlówó ìfọ̀rọ̀wérọ̀ wà, torí náà òun ló kọ̀wé sí ìyá ìbẹ́ta náà, tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ẹni tó ti kà á, tó sì tọrọ àforíjì. Mo yí tábìlì mi padà kí ẹnikẹ́ni má baà máa rí ojú kọ̀ǹpútà. Ètò wa ń bo ìyá ta ni àti ẹ̀ka wo báyìí. Àpẹẹrẹ tí a bá fi hàn níta, àwa la máa ń fi ọ̀rọ̀ ara wa kọ ọ́. Ẹ̀rọ náà ń darí aláìsàn sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì náà, tí kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ọ̀gá kankan láìgbàṣẹ. Ọ̀rọ̀ ò kú sójú yẹn mọ́. Wọ́n ti ń dúpẹ́.

Mo ń ronú nípa ìyá ìbẹ́ta náà ṣáá. Ó ń dùn mí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n jẹ́ kó dúró lẹ́nu iṣẹ́, bóyá ó sì sọ̀ láyọ̀. Lọ́jọ́ kan mo dìde, mo dé ẹnu ọ̀nà ọ̀gá mi láti ní kó bá mi wò ó. Kí n tó kan ilẹ̀kùn ni mo rántí pé ẹni tó ní kí a bá òun bò ó kò ní kí n máa wá òun kiri. Mo padà jókòó. Mi ò tíì mọ̀ títí di òní.